Iná Kún Bátìrì, Àyè Rẹ̀ Ńkọ́?

"Ìlera bátìrì." Gbólóhùn yìí ló wà lẹ́nu àwọn tó ń ta Kámúrì háíbíríìdì tòkunbọ̀, ó sì ti sú mi. Wọ́n á tan ọkọ̀, wọ́n á nàka sí àwòrán bátìrì tó wà níwájú awakọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, Ọ̀gá, ìlera rẹ̀ pé." Ohun tí wọ́n ń nàka sí yẹn kò kan ìlera kankan. Iná tó wà nínú bátìrì lásìkò yẹn ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, á gòkè. Bí éésì bá fa iná, á wálẹ̀. Bátìrì tó ti gbó náà ń kún. Òun gan-an ló máa ń tètè kún jù.

Ohun tó yẹ kí wọ́n máa pè ní ìlera bátìrì gan-an, èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Àyè ni mò ń pè é, ìyẹn àyè tó kù nínú bátìrì tí iná lè wọ̀ sí. Àwọn kan ti bá mi fà á pé ìlera ni òyìnbó pè é, kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí òyìnbó máa pè é bó ṣe wù wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ń lo oògùn, ara rẹ̀ á sì le. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́jà fi ń wojú oníbàárà tí á sì ní, "A ti tọ́jú bátìrì yẹn." Àyè tó ti lọ nínú bátìrì kò gbọ́ oògùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ kún un kí wọ́n fà á gbẹ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, kó ta jí díẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó padà síbi tó wà. Àwọn tó ní "ọjọ́ orí bátìrì" ni tiwọn ló burú jù. Kámúrì méjì lè jẹ́ ti ọdún 2008, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí bátìrì ọ̀kan dáadáa, kí eruku sì ti dí ihò tí èkejì ń gbà mí. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, àyè inú wọn kò dọ́gba rárá.

Àwọn tó ṣe Níísáánì Líìfù, ọkọ̀ tó ń lo iná nìkan, kò pa iná àti àyè pọ̀. Igi kéékèèké méjìlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó ń fi iná hàn, àyè ni àwọn yẹn ń kà. Èyí àkọ́kọ́ máa ń kú nígbà tí nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àyè bá ti lọ, kì í sì í padà bí ẹ bá ki ọkọ̀ mọ́ iná. Kámúrì kò ní irú igi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí wa tàn jẹ.

Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì ẹmu tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti dì sí dé ìdajì. Ẹmu inú rẹ̀ dé ẹnu, ẹni tó ń wò ó láti òkè á ní ó kún fọ́fọ́. Ife díẹ̀ lẹ máa bù kó tó kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí ẹ bá sì ń dà á padà sínú rẹ̀, kíá ló ti ń ṣàn sílẹ̀. Bátìrì tí kò ní àyè nìyẹn: ó tètè ń kún, ó sì tètè ń gbẹ. Àmì méjèèjì yìí ni ká wá lọ.

Bátìrì ńlá inú Kámúrì háíbíríìdì ti 2007 sí 2011 jẹ́ ègé 34 tí wọ́n tò mọ́ra, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ fólítì 244.8. Kọ̀ńpútà ọkọ̀ kì í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì ló ń kà wọ́n, búlọ́ọ̀kù 17. Ẹ lè rí ohun tó ń kà yẹn bí ẹ bá ki ẹ̀rọ kékeré ELM327 bọ ihò tó wà lábẹ́ ibi tí sítíárìn wà, tí ẹ sì ṣí áàpù Dr. Prius lórí fóònù. Kò ní kí ẹ tú nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná títí táá fi kú fúnra rẹ̀. Kí jíà wà ní P, kí READY wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ wá ṣí éésì dé òpin. Bátìrì nìkan ló ń gbé éésì yẹn báyìí. Ẹ máa wo búlọ́ọ̀kù mẹ́tàdínlógún náà bí iná ti ń wálẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ tó, ẹ́ńjìnnì á jí fúnra rẹ̀, á máa fi iná sí i padà. Ẹ má gbójú kúrò nígbà yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa fóònù dé.

Ká ní gbogbo búlọ́ọ̀kù wà ní nǹkan bíi fólítì 15.7 kí ẹ tó ṣí éésì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mẹ́rìndínlógún wà láàárín 15.1 sí 15.3, ṣùgbọ́n ìkẹsàn-án ti já sí 13.9. Ẹ́ńjìnnì jí. Àwọn yòókù rọra gòkè dé 16.5, ìkẹsàn-án yẹn kan náà ti fò dé 17.4. Òun ló kọ́kọ́ gbẹ, òun ló kọ́kọ́ kún. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sì yà mí lẹ́nu pé àárín ló wà, torí ibẹ̀ ni ooru máa ń mú jù. Bí ìyàtọ̀ àárín búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá fólítì kan, mi ò ní sọ nǹkan kan. Bó bá ti ju fólítì kan lọ nígbà tí nǹkan ń fa iná, mi ò ní ra ọkọ̀ náà ní iye tí wọ́n pè é.

Tí búlọ́ọ̀kù kan bá fi nǹkan bíi fólítì 1.2 wálẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kódà nígbà tí nǹkan kan kò fa iná, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àyè. Sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn bátìrì kéékèèké tó wà nínú ègé, ló ti kú nínú rẹ̀, torí fólítì 1.2 ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń mú wá.

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà náà mọ iṣẹ́. P0A80 ni àmì tí kọ̀ńpútà ń kọ nígbà tí bátìrì bá ti burú, ìṣẹ́jú kan sì ni wọ́n fi ń pa á rẹ́. Ẹni tó bá pa á rẹ́ kò lè pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́: ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ti ń kọ àwọn ìdánwò tó ti ṣe fúnra rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ kò bá tíì parí, tó sì jẹ́ pé ọlọ́jà ní òun ń gbé ọkọ̀ náà káàkiri lójoojúmọ́, ẹnì kan ti pa nǹkan rẹ́ láìpẹ́. Àwọn mìíràn á yọ ègé tó kú, wọ́n á fi ègé àlòkù láti inú bátìrì mìíràn dípò rẹ̀. Àyè inú àjèjì yẹn kò bá tàwọn yòókù mu, òun náà á sì yọrí láàárín wọn nígbà tí éésì bá ń fa iná. Bí wọ́n bá ní ẹ má ki nǹkan kan bọ ọkọ̀ wọn, ẹ dá owó yín padà sápò.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù kan tó ti lọ, odindi bátìrì ni kí ẹ yọ kúrò nínú owó, kì í ṣe owó ègé kan. Àwọn tó kù ti jẹ irú ooru tí ìkẹsàn-án jẹ. Ìkẹjọ tàbí ìkẹwàá ló kàn.