Ìfọwọ́sí Ali tí wọ́n ní ó ti Èkó wá

Bí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò ìfọwọ́sí gbajúmọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ojúlówó ni?", èsì mi kì í yí padà: gbé òun fúnra rẹ̀ wá. Àwọn kan rò pé owó ni mò ń wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó yẹ kí n wò kò sí nínú fọ́tò ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìbàdàn fi àwòrán Muhammad Ali kan hàn mí báyìí. Ẹni tó fẹ́ tà á fún un ní bàbá òun ló gbà á lọ́wọ́ Ali nígbà tó wá sí Èkó lọ́dún 1964. Ìtàn náà ṣeé gbọ́ sétí. Lóòótọ́ ni Ali wá sí Nàìjíríà lọ́dún yẹn, lẹ́yìn tó na Sonny Liston nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní oṣù kejì. Orúkọ tó kọ síbẹ̀ náà bá ìgbà mu, torí oṣù kẹta ọdún kan náà ló kúrò ní Cassius Clay tó di Muhammad Ali. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ayédèrú náà mọ̀wé kà.

Nínú fọ́tò fóònù, gbogbo rẹ̀ dára. Kámẹ́rà ti dán ojú ìwé náà, Wásáàpù sì ti fún un pọ̀ kó lè tètè lọ, débi pé èèyàn ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfọwọ́sí tí wọ́n fi bírò kọ àti èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àwòrán láti inú ẹ̀rọ.

Nígbà tó gbé e dé, lẹ́ǹsì tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ mú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló tẹ ìfọwọ́sí náà, àmì tóótòòtó tó wà lójú àwòrán á wà nínú lẹ́tà náà pẹ̀lú. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tàdáwà náà jókòó sórí àwòrán, ó dì, ó sì ń dán lọ́tọ̀ bí mo ṣe ń yí i síná. Ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ́. Inú ọmọ náà dùn. Mo ní kó ní sùúrù.

Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ́ ẹ lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Bírò máa ń la ojú ìwé bí ẹni kọ ebè, ipa rẹ̀ á sì hàn. Ṣùgbọ́n máákà ni wọ́n fi kọ eléyìí, ẹnu máákà sì rọ̀. Nítorí náà, pé kò sí ipa kankan kò ba nǹkan jẹ́, kò sì tún un ṣe.

Eré ọwọ́ ló sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń sáré kí ẹnu kálàmù tó kan ìwé, ó sì tún ń sáré lọ bó ṣe ń gbé e kúrò. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìlà fi máa ń tín-ín-rín. Ẹni tó ń ṣe àdàkọ ń yàwòrán ni: á dúró láti wo àpẹẹrẹ, tàdáwà á sì kó jọ síbi tó ti dúró. Eléyìí tóbi, ó já gaara. Àmọ́ ẹni tó bá ti kọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún fún ìdánrawò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa Ali. Lọ́dún 1984 ni àwọn dókítà sọ pé ó ní àrùn Pákínsìn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìfọwọ́sí rẹ̀ ń kéré sí i, ó sì ń gbọ̀n. Àwọn tó ń sọ pé ayédèrú ni gbogbo èyí tó bá gbọ̀n ń ṣìṣe. Ìgbà tí wọ́n ní ó kọ ọ́ ni kí ẹ fi wọn ọwọ́ náà.

Ibẹ̀ ni mo ti gbé lẹ́ǹsì padà sójú Ali fúnra rẹ̀. Ẹ̀kán àwọ̀ wínníwínní ló fọ́n ká síbẹ̀, irú èyí tí pírińtà tó ń tu tàdáwà máa ń ṣe. Fọ́tò tí wọ́n fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn kì í ní in. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni irú pírińtà bẹ́ẹ̀ tó di ohun tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò nílé. Ìwé náà kò lè sí ní Èkó lọ́dún 1964.

"Ṣé kò lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló kọ ọ́ ni, sà?" Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìwé yẹn fi dé, ọwọ́ Ali kì í já gaara bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwé ń sọ pé ẹ̀yìn ni, ọwọ́ ń sọ pé ìgbà èwe ni, àwọn méjèèjì kò sì lè pàdé lọ́jọ́ kan.

Ó fa sátífíkéètì kan yọ tó ní ojúlówó ni, sítíkà tó ń dán wà lórí rẹ̀. Mo sọ fún un nípa àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìfọwọ́sí tí FBI kó ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999. Sátífíkéètì wà lára ọjà ayédèrú wọn, títí kan bọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù tí wọ́n ní Mother Teresa fọwọ́ sí. Ohun tí mo lè gbà ni fọ́tò àtijọ́ tó fi ìwé yìí gan-an hàn nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i, tí mo lè rí i pé ibi tí ìdí lẹ́tà kan ti gún kọ́là ẹ̀wù nínú èyí náà ló ti gún un nínú tìyẹn. Fọ́tò Ali tó kàn ń kọ nǹkan kò tó.

Ó bi mí pé ta ló wá kọ ọ́. Mo ní n kò mọ̀, àti pé kò sí nínú tàdáwà ohun tó lè sọ fún mi. Ó ká a sínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì pe ọlọ́jà níwájú mi pé òun kò rà á mọ́.