Èwo ló ṣíwájú? Bí a ṣe ń ka èròjà mílíìkì láti inú fọ́tò

Lára okùn tí wọ́n ta síwájú ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Kubwa, ní Abuja níbí, sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì mẹ́ta tó jọra lè máa fì pa pọ̀. Àwọ̀ wọn bára mu, màlúù wà lára méjì, ife tó kún fún mílíìkì wà lára ẹ̀kẹta. Ohun tó wà nínú wọn ni kò jọra. Ọ̀kan jẹ́ ojúlówó mílíìkì tí wọ́n gbẹ omi rẹ̀ tán, tọ̀rá tọ̀rá. Èkejì jẹ́ mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí wọ́n wá fi ọ̀rá ọ̀pẹ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní kíríímà: ṣúgà tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe àti ọ̀rá ọ̀pẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mílíìkì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyá tó fẹ́ bù ú sí kókó ọmọ lówùúrọ̀ kò lè fi ojú dá wọn mọ̀, nítorí funfun ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń yòrò sínú omi bákan náà. Ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì ló máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ibẹ̀ kéré débi pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò lè kà á lójú kòrókòró. Ni wọ́n ṣe ń ya á ní fọ́tò, tí wọ́n á fà á tóbi lórí fóònù, tàbí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lórí Wásáàpù.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà to èròjà náà kì í ṣe bó ṣe wu ilé iṣẹ́. Àjọ Codex, tí FAO àti WHO jọ dá sílẹ̀ ní 1963 láti máa ṣe ìlànà oúnjẹ, kọ ọ́ sínú ìlànà àkọlé oúnjẹ ti 1985 pé kí wọ́n to èròjà láti orí èyí tó wúwo jù títí dé èyí tó fúyẹ́ jù, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i nígbà tí wọ́n ń ṣe oúnjẹ náà. NAFDAC náà, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Wuse níbí, ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta oúnjẹ inú páálí tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Nítorí náà, bí mílíìkì bá wà ní ipò kẹta, ohun méjì wà tí kò kéré sí i nínú sáṣẹ́ẹ̀tì náà, bó ti wù kí màlúù ara rẹ̀ sanra tó.

Ipò náà tún ń sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí. Ó ń sọ ibi tí iye èròjà kan kò lè kọjá. Èròjà kejì kò lè ju ìdajì oúnjẹ náà lọ, nítorí èyí tó ṣíwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó o tàbí kó jù ú lọ. Ẹ̀kẹta kò lè ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí a bá ní ó jẹ́ gíráàmù 40 nínú 100, a jẹ́ pé àwọn méjì tó ṣíwájú rẹ̀ tó 40, 40, gbogbo rẹ̀ á wá di 120, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹrin kò lè ju ìdá kan nínú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa bá a lọ. Òkè tí kò lè kọjá nìyẹn o, kì í ṣe iye rẹ̀ gan-an. Èyí tó wà ní ipò kẹta lè jẹ́ gíráàmù 30, ó sì lè jẹ́ 3.

Gbogbo èyí kò wúlò bí fọ́tò bá ti da ìtò náà rú. Ibi tí sáṣẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń kọ èròjà sí, ọ̀rọ̀ tó bá sì bọ́ sínú ìṣẹ́po náà kì í hàn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù níbẹ̀, ẹni tó ń kà á á rò pé ipò kejì ni ohun tó wà ní ipò kẹta. Ó sàn kí wọ́n da mílíìkì náà sínú ike, kí wọ́n fa sáṣẹ́ẹ̀tì náà ya, kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì. Kí wọ́n pa iná fóònù, nítorí ara sáṣẹ́ẹ̀tì ń dán, iná á sì sọ àárín rẹ̀ di funfun. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ló dára jù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gùn, fọ́tò méjì ni kí wọ́n yà, kí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú àkọ́kọ́ tún fara hàn lókè ìkejì, kí a lè mọ̀ pé kò sí ohun tó bọ́ sáàárín. Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ á sì ṣú. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ bí ìwé, tí kì í ṣe bí fọ́tò, kò ní pàdánù ohunkóhun.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ wá nínú fọ́tò náà ni àkámọ́. Àwọn èròjà kan wà tí àwọn fúnra wọn jẹ́ àpòpọ̀, wọ́n sì máa ń fi ohun tó wà nínú wọn sínú àkámọ́. Ìtò inú àkámọ́ dá dúró fúnra rẹ̀, kò sí lára ìtò ńlá. Ká ní a rí i kà pé, “àpòpọ̀ mílíìkì (omi wàrà gbígbẹ, mílíìkì gbígbẹ aláìlọ́ràá), ọ̀rá ọ̀pẹ”. Àpòpọ̀ ló wà ní ipò kìíní, ọ̀rá wà ní ìkejì. Ẹni tí kò rí àkámọ́ náà nítorí pé fọ́tò ṣú á rò pé ọ̀rá wà ní ipò kẹrin, pé díẹ̀ ni. Ó sì tún yẹ kó rí i pé omi wàrà ló ṣíwájú nínú àpòpọ̀ náà. Ẹni tó bá ti rí àwọn Fúlàní tó ń ṣe wàrà mọ omi tó máa ń ṣàn jáde bí wọ́n bá fún un. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbẹ. Ṣúgà mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, pùròtéènì rẹ̀ kò tó ìdajì ti mílíìkì aláìlọ́ràá.

Ẹ jẹ́ ká wá mú kíríímà kan, ká kà á tán. Fọ́tò rẹ̀ sọ pé: sírọ́ọ̀pù gúlúkóòsì gbígbẹ, ọ̀rá ọ̀pẹ, mílíìkì gbígbẹ aláìlọ́ràá, E340, E471, E551, fítámì A, fítámì D3. Mílíìkì wà ní ipò kẹta, a ti mọ̀ pé kò lè ju gíráàmù 33 lọ nínú 100. Ibi tí ó kéré dé gan-an kò sí nínú ìtò. Àtẹ oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ la ó lọ wò, ká wá pùròtéènì. Sírọ́ọ̀pù kò ní pùròtéènì, ọ̀rá kò ní, àwọn E náà, tó jẹ́ nọ́ńbà èròjà àfikún, kò ní. Ọ̀dọ̀ mílíìkì nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Gíráàmù 100 mílíìkì gbígbẹ aláìlọ́ràá ní pùròtéènì tó tó gíráàmù 35. Bí àtẹ kíríímà yìí bá kọ pùròtéènì 7 nínú 100, ká pín 7 sí 35, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Mílíìkì inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 20. Àtẹ kan náà kọ ọ̀rá 30, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọ̀rá ọ̀pẹ tó wà ní ipò kejì. Ohun tó kù jẹ́ 50: bíi 47 lọ sọ́dọ̀ sírọ́ọ̀pù, gíráàmù díẹ̀ tó ṣẹ́kù jẹ́ ti àwọn tó gbẹ̀yìn. 47, 30, 20: ìtò náà bá ìṣirò mu.

Ẹ fi wé èkejì lórí okùn náà, tí èròjà rẹ̀ kà pé: mílíìkì gbígbẹ aláìlọ́ràá, ọ̀rá ọ̀pẹ, E322, fítámì. Pùròtéènì rẹ̀ jẹ́ 24. Pín in sí 35, mílíìkì inú rẹ̀ tó gíráàmù 69. Àwọn kan máa ń ju sáṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí wọ́n bá ti rí ọ̀rá ọ̀pẹ lára rẹ̀. Mi ò rò pé ìyẹn tọ́. Ọ̀rá ọ̀pẹ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mílíìkì inú ọ̀kan ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìkejì lọ, ipò tí mílíìkì wà ló sì ti fi èyí tí mílíìkì rẹ̀ pọ̀ jù hàn kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí àtẹ náà. Àwọn mìíràn kì í ṣírò rẹ̀ lórí gíráàmù 100, wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ lórí sáṣẹ́ẹ̀tì kan. Bí sáṣẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ gíráàmù 20, tí wọ́n kọ pùròtéènì 1.4, 7 nínú 100 náà nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ mílíìkì tọ̀rá tọ̀rá ni wọ́n kọ sínú èròjà, 25 la ó fi pín in dípò 35, nítorí ọ̀rá rẹ̀ ti gba àyè. Bí sóyà bá wà nínú ìtò, ó ń bù kún pùròtéènì, mílíìkì á sì kéré sí ohun tí ìṣirò wa sọ.

Ibi tí ìtò ti lè ṣini lọ́nà jù ni pé ohun tó jọra lè pín sí orúkọ púpọ̀. Ká ní sáṣẹ́ẹ̀tì kan ní mílíìkì aláìlọ́ràá 30, sírọ́ọ̀pù gúlúkóòsì 26, ọ̀rá 24, mọtodẹ́sítírìnì 17. Mílíìkì ló máa wà ní ipò kìíní, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú sítáàṣì kan náà ni sírọ́ọ̀pù gúlúkóòsì àti mọtodẹ́sítírìnì ti wá, bí àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́. Pa wọ́n pọ̀, wọ́n di 43, ipò kìíní sì bọ́ lọ́wọ́ mílíìkì. Nítorí náà, kí a tó gbà pé ohun kan ló ṣíwájú, kí a ka gbogbo orúkọ tó jẹ́ ti ṣúgà àti sítáàṣì nínú ìtò bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Pùròtéènì á tú àṣírí èyí náà: 10.5 péré ni.

Ìdí ìtò kò gba àkókò púpọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ kéré gan-an, bí ọ̀kan bá sì ṣíwájú èkejì níbẹ̀, kò sọ ohun tó tó nǹkan fún wa. Àmọ́ kíkéré kọ́ ni àìwúlò. Ìwọ̀n fítámì A tí ara ń fẹ́ kò tó ẹyọ gíráàmù kan rárá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbẹ̀yìn. Bákan náà ni ẹni tí sóyà tàbí ẹ̀pà máa ń ṣe ní ibi kò gbọdọ̀ fi ipò ṣe nǹkan kan. Títí dé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ni kó kà á.

Ní Nyanya àti Wuse, wọ́n tún ń ta mílíìkì tí wọ́n bù láti inú àpò kílò 25 sínú ọ̀rá aláìlórúkọ. Kò sí ohun tí a lè yà lára ọ̀rá yẹn. Àpò ńlá náà ni kí oníbàárà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yà, kí ó sì wò ó pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bù ú, nítorí àpò òfìfo tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ igbá lè jẹ́ ti mílíìkì mìíràn. Bí ìyá ọlọ́jà bá ti da méjì pọ̀ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, kò sí ìtò èròjà kankan tó bá ohun tó wà nínú ọ̀rá náà mu mọ́.