Omi Gbígbóná Ni Orísun Rẹ̀: Bí àwọ̀ tó ń ya jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sọ́tọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Albert Coons ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fi ṣáájú nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn àyẹ̀wò ìmúnohisitokẹ́mísírì, ìyẹn fífi ańtíbọ́dì àti àwọ̀ wá purotéènì kan nínú ẹran ara. Òótọ́ ni pé ní 1941, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so àwọ̀ tó ń tàn mọ́ ańtíbọ́dì, purotéènì tó ń di ohun kan pàtó mú, wọ́n sì fi wá kòkòrò nímóníà. Ṣùgbọ́n ẹran ara tí a fi òtútù mú le ni irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn jù, inú fọmalíìnì àti ìda sì ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń wà nígbà tó bá dé ọwọ́ wa. Omi gbígbóná ni mo kà sí orísun ohun tí à ń ṣe lónìí.

Fọmalíìnì kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, nítorí pé ó ń so àwọn purotéènì mọ́ ara wọn. Ìdè yìí kan náà ló ń bo ibi tí ańtíbọ́dì yẹ kó dì mú. Ní 1947 sí 1948, Heinz Fraenkel-Conrat àti Olcott rí i ní Kalifọ́níà pé ooru líle tàbí omi tí álíkálì rẹ̀ le lè tú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ni wọ́n ń wá. Ó lé ní ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lò ó fún síláìdì, gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ ẹran ara sí. Kí ló fà á? Bóyá ẹ̀rù ló ń bà wọ́n: ta ni yóò rò pé ooru tó ń mú ẹyin dì yóò ṣí purotéènì payá? Ní 1991 ni Shi Shan-Rong àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé síláìdì sínú ààrò máíkírówéèfù, tí wọ́n sì sè é nínú omi oníyọ̀ irin. Àwọn ańtíbọ́dì tí kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá fi àwọ̀ hàn. Ẹ́ńsáìmù tí Nakane àti Pierce fi rọ́pò àwọ̀ títàn ní 1966, àti ańtíbọ́dì oníran kan ṣoṣo ti Köhler àti Milstein ní 1975, kó ipa tiwọn náà.

Lónìí, a máa ń gé ẹran ara náà ní máíkírọ́ọ̀nù 3 tàbí 4, a ó yọ ìda rẹ̀, a ó sì mú un gbóná nínú omi sítíréètì pH 6 tàbí omi pH 9 fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ní bíi 95 sí 100°C. Ẹ̀yìn èyí ni ańtíbọ́dì tó wọlé, lẹ́yìn náà ẹ́ńsáìmù, tí ibi tó bá dì mú yóò sì pọ́n bí igi. Bí ooru kò bá tó, jẹjẹrẹ tó yẹ kó pọ́n yóò dúró láìní àwọ̀. A ó mọ̀ nípa wíwo ẹ̀dọ̀fóró aláìlárùn tó wà lórí síláìdì kan náà: bí a bá ń wá purotéènì TTF-1, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo ògiri àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ náà kò sì pọ́n, àyẹ̀wò ló kùnà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbi orúkọ kan. Inú ẹṣẹ́ tairọ́ìdì tó wà lọ́rùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí purotéènì TTF-1 ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìdí nìyí tí orúkọ tairọ́ìdì fi wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró náà ń lò ó. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró oníẹṣẹ́, adẹnokasinómà, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń fi í hàn nínú kókó sẹ́ẹ̀lì. Irú sukuwámọ́ọ̀sì, ti sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, kì í sábà ní in. Purotéènì p40 ni tirẹ̀. Ó di dandan láti yà wọ́n nígbà tí oògùn tó dára fún ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èkejì ní jàǹbá.

Ẹ ṣọ́ra síbẹ̀. Bí sukuwámọ́ọ̀sì bá ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè ká àwọn sẹ́ẹ̀lì àtilẹ̀wá mọ́ àárín rẹ̀, wọn a sì pọ́n fún TTF-1. Àwọn wọ̀nyí kéré, wọ́n sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àpò afẹ́fẹ́. Kókó tiwọn kò rí játijàti bíi ti jẹjẹrẹ.

Ẹ wo obìnrin kan tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí, tí a wá rí kókó nínú ọpọlọ rẹ̀. CK7 pọ́n, ṣùgbọ́n ọyàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń fi í hàn, kò yanjú nǹkan kan. GATA3, tó sábà ń pọ́n fún ti ọyàn, kò pọ́n. TTF-1 pọ́n nínú kókó sẹ́ẹ̀lì, nápísìnì A, purotéènì mìíràn tí adẹnokasinómà ẹ̀dọ̀fóró sábà ń ní, sì pọ́n ní hóróhóró nínú sẹ́ẹ̀lì, ní ìta kókó sẹ́ẹ̀lì náà. Ti tairọ́ìdì ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kúrò, nítorí òun náà ń ní TTF-1: PAX8, tó sábà ń pọ́n fún ti tairọ́ìdì, kò pọ́n, nítorí náà ẹ̀dọ̀fóró ló ti wá. Àyẹ̀wò jíìnì ló kù, èyí tó ń fẹ́ ẹran ara púpọ̀. Nítorí náà, gbogbo síláìdì tí a ó lò ni a ń gé lẹ́ẹ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá yọ búlọ́ọ̀kù ìda tí ẹran ara wà nínú rẹ̀ kúrò tí a tún dá a padà sẹ́nu abẹ, ẹran ara tí a ó fi tún ojú rẹ̀ ṣe ló ń ṣòfò.