Ọ̀rọ̀ inú ìwé àṣẹ iṣẹ́: iṣẹ́ olóoru àti wíwọ inú táǹkì

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni ìwé tí ilé iṣẹ́ ńlá máa ń kọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó lè pani. Ó ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, ibi tí wọ́n ti máa ṣe é, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, àti ohun tí ẹnì kan ti fi ojú ara rẹ̀ rí kí ó tó fọwọ́ sí i. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ méjì bá pàdé: jíjó irin pọ̀, àti wíwọ inú ibi híhá bíi táǹkì. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni táǹkì mẹ́làásì, ìyẹn oje dúdú tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò nínú omi ìrèké, irú èyí tí àwọn ará Ṣábẹ mọ̀ nítorí iṣẹ́ ṣúgà ìlú wọn.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n sábà máa ń fi tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ṣábẹ, Kétu àti Àjàṣẹ́ fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ara wọn. Ibẹ̀ ni ewu àkọ́kọ́ wà. Ìwé tí Faransé ń pè ní pẹ̀mí dẹ fọ̀ ń sọ nípa iná tí ń jó. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí “ìwé àṣẹ iná”, ẹni tó gbọ́ ọ lè rò pé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe wáyà ni, nítorí iná kan náà ni a ń pe èyí tí ń jó àti èyí tó ń gba inú wáyà wá. “Wọ́n ti pa iná” náà kò sọ èyí tí wọ́n pa. Nítorí náà, “iṣẹ́ olóoru” sàn jù, kí wọ́n sì dárúkọ ohun tí wọ́n máa ṣe gan-an: jíjó irin pọ̀, gígé irin, tàbí fífi ẹ̀rọ lọ irin tí iná ń ta pàrà lára rẹ̀. Ní ti wáyà, “mo ti gé iná mànàmáná páńpù” kò ṣeé ṣì gbọ́.

Ewu kejì ni ọ̀rọ̀ náà “wọ́n”. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, “wọ́n ti ti fáàfù” kò ní àléébù, ṣùgbọ́n nínú ìwé àṣẹ, ó ń fi ẹni tó ṣe é pa mọ́. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣe é rárá. “Táǹkì ti ṣófo” náà kò tó, nítorí táǹkì tí kò sí oje nínú rẹ̀ mọ́ lè kún fún gáàsì. Bí gbólóhùn tó ṣeé yẹ̀ wò ṣe rí nìyí:

“Èmi (orúkọ) ni mo tú páìpù tó ń gbé mẹ́làásì wọ táǹkì 2 ní ibi ìsopọ̀ rẹ̀, tí mo sì fi àwo irin dí i ní aago 7:15. Mo ti gé iná mànàmáná páńpù rẹ̀, mo ti fi àgádágodo sí i, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.”

Àwo irin ni ó sọ, kò sọ fáàfù nìkan. Fáàfù tó ti gbó máa ń jò, ẹlòmíràn sì lè ṣèèṣì ṣí i.

Ibi tó yẹ kí a dúró sí jù lọ ni ìlà tí wọ́n ń kọ afẹ́fẹ́ inú táǹkì sí. Ẹ̀rọ ìwọn gáàsì tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò ń ka ohun mẹ́rin: ọ́síjìn, gáàsì tó lè gbiná, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì àti gáàsì tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà. Ọ́síjìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà, torí pé irú ojú ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ fún gáàsì tó ń gbiná kò lè kà á dáadáa tí ọ́síjìn bá kéré jù. Afẹ́fẹ́ ìta ní ọ́síjìn 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ń tẹ̀ lé, kò gbà kí ó dín ní 19.5 tàbí kí ó ju 23.5 lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo táǹkì 2. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jò, súdọ̀, ìyẹn ẹni tó ń jó irin pọ̀, sì ní láti wọ inú rẹ̀ lọ jó o pọ̀. Wọ́n ti fi omi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n oje díẹ̀ ṣẹ́ kù sí igun kan. Oje dídùn tó bá ti ń hó yóò máa di ọtí, bí ẹmu ṣe ń kan, yóò sì máa tú kábọ́ọ̀nù dàóṣáìdì, ìyẹn CO2, jáde. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan ààbọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ka ọ́síjìn, ìyẹn O2, lẹ́nu táǹkì, ó jẹ́ 20.9. Wọ́n sọ rọ́bà tí ẹ̀rọ fi ń fa afẹ́fẹ́ kanlẹ̀, ó di 20.1.

Tí ìwé àṣẹ bá sọ pé “ọ́síjìn gbọ́dọ̀ ju 19.5 lọ”, 20.1 ti yege. Àmọ́ ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́. Bí 0.8 bá dín nínú rẹ̀, nǹkan mìíràn ti gba ipò afẹ́fẹ́ tó tó 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní táǹkì yìí, kábọ́ọ̀nù dàóṣáìdì ni. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 0.5, wọ́n sì ka 4 sí ewu ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní ké, nítorí kò sí ojú tí yóò fi rí gáàsì yìí. Nítorí náà, gbólóhùn tó tọ́ ni: “Bí O2 bá dín sí ti ìta, kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí a ó fi mọ ohun tó gba ipò rẹ̀.” Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó oje tó kù jáde, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń ka CO2 wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀.

Ọtí tó wà nínú oje náà lè gbiná. Òǹkà gáàsì tó ń gbiná máa ń hàn lójú ẹ̀rọ bíi “% LEL”, ìyẹn ìdá ìwọ̀n tó kéré jù tí gáàsì fi lè gbiná. Òfin Amẹ́ríkà yẹn ka ohun tó bá ju 10 lọ sí ewu fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Fún jíjó irin, 0 ló yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ìwé méjì ni iṣẹ́ yìí ń béèrè, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dárúkọ nọ́ńbà èkejì. Lórí Piper Alpha, ibùdó epo ní òkun Àríwá, ìwé méjì wà fún páńpù kan ní ọjọ́ 6 oṣù Agẹmọ ọdún 1988. Ọ̀kan wà fún títún páńpù ṣe, èkejì fún fáàfù ààbò rẹ̀ tí wọ́n ti tú kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ kò mọ̀ nípa ti fáàfù, wọ́n tan páńpù náà, gáàsì tú jáde, ó sì gbiná. Ènìyàn 167 kú.

Tí súdọ̀ bá jáde lọ jẹun, àṣẹ ti dúró. Kí wọ́n fa rọ́bà ọ́síjìn àti ti gáàsì jáde, nítorí ọ́síjìn tó jò sínú táǹkì máa ń mú kí aṣọ gbiná kíákíá. Àwọn sílíńdà gáàsì fúnra wọn kì í wọ inú táǹkì rárá. Kí wọ́n tún afẹ́fẹ́ wọ̀n kí ó tó padà wọlé, nítorí oje kò dáwọ́ híhó dúró.

Ẹni tó ń dúró lẹ́nu táǹkì náà ní ìlà tirẹ̀: “Bí ẹni inú táǹkì bá ṣubú, n ó pariwo, n ó fi okùn fà á, èmi kò ní wọlé.” Ìlà yìí le fún ọmọlúàbí láti fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ní ọdún 1986, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò iṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ó ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kú sí ibi híhá lọ tó jẹ́ pé ẹni tó sáré wọlé láti yọ ẹlòmíràn ni wọ́n.

Kì í ṣe ìgbà tí súdọ̀ bá pa ẹ̀rọ rẹ̀ ni ìwé parí. Olùṣọ́ iná ń dúró ti ibẹ̀: wákàtí kan ni NFPA 51B ti 2019, ìlànà àjọ ààbò iná ní Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ olóoru, sọ, wákàtí méjì ni àwọn ará Faransé ń dámọ̀ràn. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ pé: “Mo wo inú àti ẹ̀yìn táǹkì ní aago 18:40, kò sí èéfín, irin ti tutù, ènìyàn méjì tó wọlé ti jáde, méjèèjì wà níwájú mi.”