NAT Strict lórí kọ́nsóòlù géèmù

NAT Strict ni èsì tí kọ́nsóòlù Xbox máa ń gbé jáde nígbà tí rúta ilé kò bá jẹ́ kí kọ́nsóòlù àwọn ẹlòmíràn kàn sí i tààrà. Ìpele mẹ́ta ni Xbox ní: Open, Moderate àti Strict. Lórí PlayStation, Type 3 ló sún mọ́ Strict jù.

Àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé ní, gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ló sì ń pín in lò; ètò pínpín tí rúta ń ṣe yìí ni wọ́n ń pè ní NAT. Bí kọ́nsóòlù bá ránṣẹ́ jáde, rúta á yan póòtì kan, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà, fún un, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí èsì lè rí ọ̀nà padà. Ohun tó bá ti ìta dé láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú ilé ló kọ́kọ́ ránṣẹ́, rúta á dà á nù. Àwọn rúta kan máa ń lo póòtì kan náà fún gbogbo ẹni tí kọ́nsóòlù bá kàn sí, nítorí náà sáfà, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ géèmù tó ń so àwọn olùṣeré pọ̀, lè sọ nọ́ńbà póòtì náà fún ọ̀rẹ́. Àwọn mìíràn ń yan póòtì ọ̀tọ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tí sáfà mọ̀ kò sì wúlò fún ọ̀rẹ́ mọ́. Èyí ló sábà ń fa Strict.

Ká ní Ṣẹ́gun wà ní Open, Bọ́lá ní Moderate, Kúnlé ní Strict. Kúnlé lè wọ eré tí Ṣẹ́gun gbàlejò, torí Ṣẹ́gun ń gba ẹnikẹ́ni tó bá kànlẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ Bọ́lá ló gbàlejò, Kúnlé kò ní lè wọlé. Kódà nígbà tí àwọn mẹ́ta bá jọ wà lọ́dọ̀ Ṣẹ́gun, Bọ́lá àti Kúnlé lè má gbọ́ ohùn ara wọn. Níbi tí sáfà ilé iṣẹ́ géèmù bá ti ń gbàlejò eré, wíwọlé kì í sábà ṣòro. Ọ̀rọ̀ sísọ láàárín ẹgbẹ́ ló ṣì lè dàrú.

Ojútùú tó wọ́pọ̀ ni pé kí a tan UPnP lórí rúta, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé ní kí rúta ṣí póòtì, kí rúta lè ṣí póòtì 3074 fún kọ́nsóòlù láìjẹ́ pé a fọwọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì WAN, ìyẹn àdírẹ́sì tí rúta gbà láti ìta. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, rúta mìíràn wà níwájú rẹ̀, a sì ní láti fi ọ̀kan nínú méjèèjì sí bridge, kí ó má ṣe iṣẹ́ NAT mọ́. Bí ó bá wà láàárín 100.64 àti 100.127, ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Kò sí ètò inú ilé tó lè ṣí póòtì náà nígbà yẹn. A ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta àdírẹ́sì tó jẹ́ ti oníbàárà nìkan, tàbí kí ọ̀rẹ́ tó wà ní Open máa gbàlejò.