Ìdíyelé ọjà tó wà nílẹ̀: iye ìrà tàbí owó ìtà tó kù lọ́wọ́

Bí ọdún ìṣirò bá parí, ilé iṣẹ́ a máa ka ọjà tí kò tíì tà, a sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé owó. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé kejì (IAS 2), tó kọ́kọ́ jáde ní 1975, ní kí wọ́n fi iye méjì wéra, kí wọ́n sì kọ èyí tó kéré. Èkíní ni iye ìrà: owó ọjà fúnra rẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù tó gbé e délé. Èkejì ni owó ìtà tó kù lọ́wọ́: iye tí wọ́n retí pé yóò tà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìnáwó tí wọn yóò fi parí rẹ̀ àti èyí tí wọn yóò fi tà á.

Ká ní aláṣọ kan ní léèsì 20 nílẹ̀, tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦40,000. Àṣà yí padà. ₦35,000 ni àwọn oníbàárà ń dá a lé báyìí, ẹni tó ń bá a pe oníbàárà yóò sì gba ₦3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦32,000 ló kù. Nítorí náà ₦640,000 ló máa wọ ìwé dípò ₦800,000, àdánù ₦160,000 yóò sì jẹ́ ti ọdún yìí.

Ó tún ní ankara 50 tó rà ní ₦9,000, tí owó ìtà tó kù lórí rẹ̀ jẹ́ ₦11,500. Ìyẹn dúró sórí iye ìrà, ₦450,000, torí èrè tí kò tíì wọlé kì í wọ ìwé. Bó bá da méjèèjì pọ̀, ₦1,250,000 ni iye ìrà, ₦1,215,000 sì ni owó ìtà tó kù. Àdánù tó hàn á di ₦35,000 péré, èrè ankara á sì bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo ọjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi èyí tó bá jọra gan-an.

Bí wọ́n bá fi léèsì sílẹ̀ ní ₦800,000, èrè ọdún yìí yóò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n lè pín in fáwọn onípìn-ín, bánkì sì lè yá wọn lówó lé e lórí, kí àdánù náà tó wá já lu ọdún tó ń bọ̀.

Ohun èlò tí wọn yóò fi ṣe ọjà yàtọ̀ díẹ̀. Bí iye ìyẹ̀fun bá já wálẹ̀, alábúrẹ́dì kò ní dín iye tirẹ̀ kù níwọ̀n ìgbà tí búrẹ́dì bá ṣì ń pa owó tó ná lórí rẹ̀.

Ìfojúbù ni iye ìtà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́, nítorí ọlọ́jà kì í fẹ́ gbà pé ọjà òun ti kú. Ayẹ̀wé-owó-wò a máa wo rìsíìtì ọjà tó tà lẹ́yìn ìparí ọdún: bí léèsì bá ń lọ ní ₦33,000 ní oṣù kejì, ìfojúbù ₦35,000 nílò àlàyé.

Bí iye bá padà gòkè, IAS 2 ní kí wọ́n dá àdínkù náà padà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá iye ìrà. Ìlànà ti Amẹ́ríkà kò gba ìdápadà yìí láàyè.