Sítọ́ọ̀dù 28: ìdajì bíìmù péré ni wọ́n wà fún

Gbé pákó méjì lé ara wọn lórí gọ́tà, kí ènìyàn kan dúró sí àárín. Méjèèjì á tẹ̀, ṣùgbọ́n wo etí wọn: ti òkè á ti yọ̀ díẹ̀ lórí ti ìsàlẹ̀. Kàn wọ́n mọ́ra dáadáa, wọn ò ní lè yọ̀ mọ́, wọ́n á sì le gan-an. Bí dẹ́kìn kọnkéré àti bíìmù irin ṣe ń di ọ̀kan nìyẹn. Ìṣó tiwọn ni sítọ́ọ̀dù, irin kúkurú olórí tí wẹ́dà ń jó mọ́ orí bíìmù kí wọ́n tó da kọnkéré.

Ká mú gbọ̀ngàn òkè kan ní Adó-Èkìtì. Bíìmù gùn ní mítà 8, wọ́n gbé e ka òpó méjì, mítà 3 ló wà láàárín bíìmù kan sí èkejì, dẹ́kìn rẹ̀ sì nípọn ní mílímítà 130. Kọnkéré tó jìnnà sí bíìmù kì í kópa tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó jókòó sí ìkángun níbi àríyá tí abọ́ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní ká ka ìdá kan nínú mẹ́jọ gígùn bíìmù sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: mítà 1 lọ́tùn-ún, mítà 1 lósì. Ìbú tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ mítà 2, kì í ṣe 3.

Tí agbára kọnkéré bá wà ní ìpele C25/30, ìbú yẹn lè gba ìfúnpọ̀ tó ju kílóníútìnì 3,600 lọ. Bíìmù irin oní-ìwọ̀n IPE 360, tí agbára irin rẹ̀ wà ní ìpele S275, ò lè fà ju nǹkan bíi 2,000 lọ. Èyí tó kéré là ń lò. Sítọ́ọ̀dù oní-mílímítà 19 kan ń gba bíi 73, nítorí náà 28 la nílò.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á pín 28 yẹn sórí gbogbo mítà 8. Agbára 2,000 yẹn kì í wà létí bíìmù. Òfo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń pọ̀ títí dé àárín, ó tún ń sọ̀kalẹ̀ sí òfo lódì kejì. Ẹni tó gun òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ kan ò wúlò fún ẹni tó fẹ́ sọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló nílò 28 tirẹ̀, àpapọ̀ jẹ́ 56.

Tó bá jẹ́ 14 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, agbára bíìmù láti kojú títẹ̀ á já láti bíi 550 kílóníútìnì-mítà sí 418. Irin nìkan, láìsí kọnkéré, ń gba 280. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé 14 yẹn ṣì kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún 28 náà, tí òfin kà sí èyí tó kéré jù fún gígùn yìí, nítorí náà ẹni tó bá wo òǹkà yẹn nìkan ò ní rí àṣìṣe. Ilé náà lè má wó. Ẹrù tí wọ́n ṣèlérí pé ó máa gbé ni kò ní lè gbé.

Téèpù ló ń tú àṣírí rẹ̀. Tí sítọ́ọ̀dù 56 bá tò ní ìlà kan, ọ̀kan sí èkejì á jẹ́ bíi mílímítà 143. Tí téèpù bá ka nǹkan bíi 286, kí wọ́n pe wẹ́dà padà kí mísà kọnkéré tó dé.